Okùn Fífò fún Ọmọ Pírámárì: Ìdí Tí Ẹni Tó Ń Fò Ga Jù Fi Ń Kọsẹ̀

Tí ẹ bá fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò fo okùn rí ní okùn, ohun tó máa ṣe kì í yàtọ̀. Á fi gbogbo apá ju okùn náà sókè, á fò bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò lórí igi, á balẹ̀ gbì, okùn á sì há sí i lẹ́sẹ̀. Àwọn tó dúró ń wò ó á rẹ́rìn-ín. Á tún gbìyànjú, á fò ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, okùn á tún há. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun, á lọ jókòó sábẹ́ igi. Tíṣà tí kò bá fojú sílẹ̀ á ní ọmọ yẹn ò lágbára, tàbí pé ó ya ọ̀lẹ. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ọmọ náà ń fò ga jù ni.

Eré ìdárayá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣètò okùn fífò fún kíláàsì kan, Pírámárì 4, ọmọ 36, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń ṣe é lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ohun méjì ni mo ń wá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti etí ọmọ máa gbọ́ ara wọn. Èkejì ni pé kí èémí rẹ̀ máa gùn sí i. Ẹ má rò pé ohun kan náà ni wọ́n o. Ọmọ tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè kọ́ bí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ṣe ń bára rìn, ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń jẹ́ kí ọ̀kan ṣíwájú èkejì.

Ìṣirò kékeré kan

Tí okùn bá ń yí ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó túmọ̀ sí pé ó ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ kọjá ní gbogbo ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá fò sókè ńkọ́? Àkókò tó máa lò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tún kan ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ bó ṣe sanra tó tàbí bó ṣe lágbára tó. Bó ṣe fò ga tó nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe físíìsì ní sẹ́kọ́ńdírì á rántí rẹ̀: t = 2√(2h/g). Gíga ní mítà ni h, g sì jẹ́ 9.8.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ọmọ tó bá fò ní sẹ̀ǹtímítà 3 máa lo nǹkan bí 0.16 ìṣẹ́jú àáyá lókè. Tó bá fò ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó di 0.29. Tó bá wá fò ní sẹ̀ǹtímítà 30, bíi ti ẹni tó fẹ́ já máńgòrò yẹn, ó di 0.49. Ẹ wò ó dáadáa. Okùn ń padà bọ̀ lẹ́yìn 0.5, òun náà sì ń balẹ̀ ní 0.49. Kò tíì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tán tí okùn fi dé, níbo ló ti fẹ́ ráyè fò ìkejì? Bó ṣe ń sa gbogbo agbára ẹ̀ láti fò ga sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí ohun tó ń wá.

Okùn fúnra rẹ̀ kò sì nípọn ju mìlímítà 8 lọ. Sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ti tó láti kọjá lórí rẹ̀. Mo máa ń to ìwé nóòtù mẹ́rin lé ara wọn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí gíga tí mò ń bèèrè ṣe kéré tó. Ẹnu máa ń yà wọ́n.

Ìdí mìíràn tún wà tí fífò kékeré, kíákíá, fi dáa. Iṣan líle kan wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ wa, òun ló so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ egungun gìgísẹ̀. Tí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, iṣan yìí á nà bíi rọ́bà, tó bá sì ń padà sí ipò rẹ̀, á tì wá sókè lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà yìí kì í dúró de èèyàn. Tí ọmọ bá balẹ̀ tán, tó wá tẹ orúnkún wálẹ̀ gidigidi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti tún fò, ohun tí iṣan náà tọ́jú ti lọ, agbára tuntun ni ẹran ara máa wá. Àgbàlagbà tó bá ń ta pọ́ún-pọ́ún lójú kan láìsí ẹni tó ń ka iye fún un, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ sábà máa ń yan nǹkan bí ìgbà méjì, tàbí díẹ̀ lé ní méjì, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nǹkan tí mo fi ṣe òpó gbogbo ètò yìí nìyẹn: ẹsẹ̀ máa ń lu 120 láti ọjọ́ kìíní títí dé ìparí, okùn ló máa wá bá ẹsẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá yá.

Okùn tí a fọwọ́ ara wa ṣe

Okùn ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n ń tà lọ́jà ò dáa fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kí okùn là sílẹ̀ bí òṣùmàrè nígbà tó ń yí ni ìwúwo tirẹ̀ tó ń fà á síta. Tí kò bá wúwo, afẹ́fẹ́ á dá a dúró, á rọ̀ wọ̀ọ̀ síwájú ojú ọmọ. Okùn aláhunpọ̀ tó nípọn ní mìlímítà 8 ni mo rà, mítà 55.

Láti wọn okùn, ọmọ á fi ẹsẹ̀ kan tẹ àárín rẹ̀, á fa ẹnu rẹ̀ méjèèjì sókè. Fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n fò, abíyá ni ẹnu okùn máa dé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ga dé èjìká. Ọmọ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 130 máa nílò nǹkan bíi mítà 2.2, tí a bá ti fi ti kókó tí a máa ta kún un. Nínú kíláàsì tèmi, mo gé márùn-ún ní mítà 2, mẹ́sàn-án ní mítà 2.2, àti mẹ́rin ní mítà 2.4. Okùn gígùn mẹ́ta, mítà márùn-ún márùn-ún, ni mo fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe. Mo fi téèpù àwọn oníná, pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé, sàmì sí wọn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè mọ tirẹ̀. Okùn tó bá gùn jù máa ń fẹ̀ sílẹ̀, ọmọ á wá nawọ́ síta láti fà á pa dà, apá á sì rẹ̀ ẹ́ kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́.

Páípù tí àwọn oníná fi ń gba wáyà kọjá nínú ògiri ni mo fi ṣe ibi ìdìmú, mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 12, mo fi ilẹ̀ sìmẹ́ńtì dán ẹnu rẹ̀ kó má gé wọn lọ́wọ́. Okùn á gba inú rẹ̀ kọjá, a ó ta kókó sí i lẹ́nu. Kí inú páípù fẹ̀ ju okùn lọ díẹ̀ o, torí okùn gbọ́dọ̀ lè yí nínú rẹ̀. Tí kò bá lè yí, ńṣe lá máa lọ́ mọ́ ara rẹ̀ títí táá fi di gbùrù. Àgbàlagbà ni kó fi iná àbẹ́là jó ẹnu okùn kó má baà tú.

Nǹkan kan tó kù, tí mo sì fẹ́ràn jù: rọ́bà funfun táwọn bíríkìlà máa ń bu omi sí láti fi wo bóyá ilé tẹ́jú. Mo gé sẹ̀ǹtímítà 50 nínú rẹ̀, mo ti okùn bọ inú rẹ̀ kó wà ní àárín gan-an, mo wá ta kókó ní apá méjèèjì. Ó fi ìwúwo kún ibi tí a ti nílò rẹ̀, kì í jẹ́ kí okùn tètè ya, ó sì máa ń dún "tá!" tó bá ti nalẹ̀. Ìró yẹn ni tíṣà mi kejì nínú kíláàsì.

Òkúta tó ń ka ìlù

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé 120 ni à ń lù, tí kò sí ẹ̀rọ kankan? Ẹ wá òkúta kékeré kan àti òwú. Ẹ so ó, kí òwú náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 láti ibi tí ẹ dì mú dé àárín òkúta. Ẹ jẹ́ kó máa fì díẹ̀díẹ̀. Lílọ rẹ̀ sí ọ̀tún jẹ́ ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, bíbọ̀ rẹ̀ sí òsì jẹ́ ààbọ̀ mìíràn. Gbogbo ìgbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pàtẹ́wọ́. 120 nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ 100, ẹ fi okùn náà gùn dé 36. Tí ẹ bá fẹ́ 80, ẹ gbé e dé 56. Òkúta ńlá tàbí kékeré, kò yàtọ̀; gígùn òwú ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ọmọ kan ló máa ń di òkúta mú, òmíràn á gbá agogo tẹ̀ lé e. Tó bá ti tó bí ìṣẹ́jú méjì, etí gbogbo wọn á ti gbà á, a ò ní nílò òkúta mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí okùn rárá. A fa ìlà sílẹ̀, wọ́n ń fò kọjá lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà sọ́tùn-ún sósì, agogo ń dún. A sì ṣe ten-ten. Bẹ́ẹ̀ ni, ten-ten tí àwọn ọmọbìnrin máa ń ṣe nígbà ìsinmi, tí ẹni méjì á kojú síra, tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, tí wọ́n á wá ju ẹsẹ̀ síwájú pa pọ̀. Àwọn tó mọ ten-ten dáadáa ló máa ń kọ́kọ́ mọ okùn fò, kò sì yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti ń fi àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe nǹkan méjì lórí ìlù kan tipẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kan á ní eré obìnrin ni. Mo ní kí wọ́n lọ wo bí àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń gbára dì. Ọ̀rọ̀ yẹn parí síbẹ̀.

Ibi tí wàhálà gan-an wà

Tí ẹ bá wo ọmọ tó ń kọ́ okùn, ẹ máa rí i pé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ju okùn kọjá lórí, ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò. Ara fẹ́ràn kí gbogbo ẹ̀yà ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ bá ju okùn, okùn ṣì wà lókè orí. Ó ṣì máa rìn tó ìdajì ọ̀nà kó tó dé ẹsẹ̀. Ọmọ náà ti fò, ó ti balẹ̀, okùn wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ohun tó yẹ kó kọ́ kì í ṣe fífò, ó ti mọ̀ ọ́n fò láti ọmọ ọdún méjì. Ohun tó ń kọ́ ni kí ẹsẹ̀ lè dúró díẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kejì, mo ya iṣẹ́ ọwọ́ kúrò lára iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ọmọ á kó ibi ìdìmú méjèèjì sí ọwọ́ kan, á máa yí okùn ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ ẹsẹ̀. Tó bá ti gbọ́ "tá!", kó fò. Okùn ò lè há sí i lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ọ̀sẹ̀ náà, a lo okùn gígùn: ọmọ méjì ló ń yí i, ẹnì kan wà láàárín, ọwọ́ rẹ̀ ò níṣẹ́ kankan. Wọn ò kọ́kọ́ ní yí i kọjá lórí o, wọ́n á kàn máa fì í sọ́tùn-ún sósì nílẹ̀ bíi jangirọ́fà. Nígbà tí ọmọ tó wà láàárín bá fò mẹ́wàá láìkọsẹ̀, wọ́n á gbé e kọjá lórí.

Àwọn tó ń yí i náà ń kẹ́kọ̀ọ́. Tí ọ̀kan bá ń yára ju èkejì lọ, okùn á máa mì bí ejò, gbogbo ènìyàn á rí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni okùn tirẹ̀ tó wọlé. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ju okùn kọjá lórí, jẹ́ kó nalẹ̀ níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó dúró síbẹ̀ pátápátá, kí o tó wá fò kọjá. A máa ń pè é pé "Ju! Gbọ́! Fò!" Àárín "ju" àti "fò" á wá máa dín kù lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, títí okùn ò fi ní dúró mọ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kúrò nílẹ̀ nígbà tí ìró yẹn bá dún.

Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ̀ á máa lu méjì fún okùn kan. Ẹsẹ̀ ń lu 120 tó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, okùn ń yí ní 60. Fífò kan wà fún okùn, èkejì kékeré wà láti fi dúró de okùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, fún àwọn tó bá ti tó, ẹsẹ̀ ò yí padà rárá. Ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń yára ní ìlọ́po méjì, kí okùn lè bá gbogbo fífò mu. Ẹni tí kò bá tíì tó, kó máa bá méjì-fún-ọ̀kan lọ, kò sí ìyà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan

Ọmọ kan wà nínú kíláàsì náà tó jọ ẹni tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ ka tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fò méjì, ọ̀kan, mẹ́ta. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (ẹ máa dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ò ní rí nǹkan gidi tẹ́ ẹ bá dúró síwájú). Nǹkan méjì ni mo rí. Ìgúnpá rẹ̀ ń ṣí síta bí ìyẹ́ adìyẹ, èyí tó ń gé okùn kúrú lábẹ́ ẹsẹ̀. Èkejì, ó ń fa orúnkún sókè dé ìbàdí, ó ń rò pé òun fò ga, bẹ́ẹ̀ àkókò tó yẹ kó fi wà nílẹ̀ ló ń ná dànù.

Mo gbé okùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní ìwé nóòtù méjì kó fi sí abíyá, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Mo ní kó máa yí ọrùn ọwọ́ bí ẹni tó di okùn mú, kí ìwé má jábọ́. Lẹ́yìn náà, kó máa ta pọ́ún-pọ́ún lórí ìlù agogo, kí n má gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí ló ṣiṣẹ́ jù. Tí ẹ bá ní kí ọmọ "má fò ga", kò mọ ohun tó máa ṣe. Tí ẹ bá ní kó fò kí ẹ má gbọ́ ọ, á balẹ̀ lórí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, orúnkún á rọ̀, gíga á sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣe èyí fún ìlàjì kíláàsì kan péré. Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ó fò mẹ́sàn-án, méjì-fún-ọ̀kan. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin, 22.

Èémí

Okùn fífò ní 120 le bíi sísáré gidi, kì í ṣe eré ìjókòó. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ò sì lè bá ẹsẹ̀ dọ́gba lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó gbéra dáadáa. Tí ẹ bá ní kí ọmọ fò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dàrú kí ìkínní tó pé. Àìdáa yẹn ló máa wá fi kọ́ra.

Ọgbọ́n tí mo dá ni pé iye ọmọ tó ń lo okùn kan ló ń pinnu ìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ọmọ mẹ́ta ló ń pín okùn kan. Ọ̀kan á fò fún ìṣẹ́jú àáyá 15, èkejì á gbà á, ẹ̀kẹta á gbà á. Ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ń sinmi fún 30 láìsí pé mo wo aago fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ń ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọmọ méjì ló ń pín ọ̀kan, 20 fífò, 20 ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ní ìkẹfà, 30 àti 30, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Àròpọ̀ fífò ti kúrò ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó ti di mẹ́ta. Ẹni tó ń sinmi ló ń ka iye fún ẹni tó ń fò, ọkàn rẹ̀ sì ṣì ń lù kíkankíkan ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí náà iṣẹ́ ò dúró bí ẹsẹ̀ tilẹ̀ dúró.

Mo ń fi ẹnu wọn wò wọ́n. Ọmọ tó bá lè kọrin lẹ́yìn tó fò tán, kò tíì ṣiṣẹ́. Tó bá lè sọ gbólóhùn kúkúrú kan kó tó mí, ó dáa. Tí kò bá lè sọ orúkọ ara rẹ̀ tán, kó jókòó. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ ka ìlù ọkàn wọn náà: ìka méjì lórí ọrùn ọwọ́, lábẹ́ àtàǹpàkò, ká a fún ìṣẹ́jú àáyá 15, fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá ka 38 ní 152. Ìsọdipúpọ̀ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe nǹkan tó ń mú ara gbóná fún ìpíndọ́gba ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Kíláàsì méjì lọ́sẹ̀ ò sún mọ́ ìyẹn rárá. Ohun tó lè ṣe ni kí ọmọ mọ eré kan tó lè máa ṣe nílé láìsí tíṣà.

Ọmọ tó ń sọ pé egungun ń dun òun

Kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀, mo kọ ìwé sí gbogbo òbí, mo ní kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní ikọ́ fée, àìsàn ọkàn tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wá bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ìyá kan wá bá mi lẹ́nu géètì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, SS ni ọmọ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbí torí wọ́n á ní kó máa jókòó." Ẹ̀rù tó ń bà á yẹn, mo mọ ibi tó ti wá. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sábẹ́ igi láti Pírámárì 1 dé 6.

Jíjókòó kì í ṣe ìdáhùn. Fífipá mú un bá àwọn yòókù dọ́gba kì í sì ṣe ìdáhùn. Nínú àrùn yìí, tí omi bá gbẹ lára, tí ọmọ bá ṣe kọjá agbára, tàbí tí òtútù mú un lójijì lẹ́yìn òógùn, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè tẹ̀ bíi dòjé, kó dí òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí màmá rẹ̀ kọ́kọ́ bi dókítà tó ń tọ́jú ọmọ náà. Dókítà gbà, pẹ̀lú àdéhùn. Ọmọ náà ń fò fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ń sinmi fún 50, ìgò omi rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì nílò láti gba àyè kó tó mu ún. Láàárín ìsinmi, òun ló ń di òkúta wa mú tàbí kó máa yí okùn gígùn. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé, torí pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyẹn ní ìpín ìpín.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ ìrora. Ọmọ tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ń ro ó lọ́jọ́ kejì, tí ẹsẹ̀ méjèèjì rí bákan náà, ẹran ara tí kò mọṣẹ́ ni, á lọ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ọmọ tí iwájú ojúgun ń dùn nígbà tó ń fò lọ́wọ́, ilẹ̀ ló le jù tàbí pé fífò ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e kúrò lórí kọnkéré lọ sórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ tó tẹ́jú tí a ti gbá, kó sì sinmi. Ṣùgbọ́n ọmọ SS tó bá ní egungun apá, itan, ẹ̀yìn tàbí àyà ń dun òun, tàbí tí èémí rẹ̀ ò rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ẹ dá a dúró, ẹ fún un lómi, ẹ bò ó kó má gba òtútù, ẹ pe òbí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ àyà tàbí èémí ni, ilé ìwòsàn tààrà. Àárọ̀ la máa ń ṣe tiwa, kí oòrùn tó mú. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń ní kí àwọn tó ní ikọ́ fée mú ìfasímú wọn wá sí pápá, kì í ṣe kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú báàgì ní kíláàsì.

Bí a ṣe ń ka ìkọsẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ló ń pa eré tiwọn pọ̀ lórí ìlù, a sì ń ṣe ìdánwò kan ṣoṣo: ìṣẹ́jú kan, kí ọmọ fò bó ṣe lè fò, tó bá kọsẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ní bébà, á fa ìlà kan fún ìkọsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó máa pín bébà náà sí méjì: ààbọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ àti ààbọ̀ kejì.

Ibi tí ìlà pọ̀ sí ni mo ń wò. Ọmọ tó kọsẹ̀ mẹ́fà ní ààbọ̀ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ò tíì rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ò tíì gbọ́ra, á padà sí "Ju! Gbọ́! Fò!" Ọmọ tí kò kọsẹ̀ rárá ní àkọ́kọ́ tó wá kọsẹ̀ márùn-ún ní ìkejì, ó mọ̀ ọ́n, èémí ló kú, ẹ máa rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí síta díẹ̀díẹ̀, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀. Ẹni yẹn á máa bá 30 àti 30 lọ. Tí ẹ bá kàn ka àròpọ̀ fífò nìkan, àwọn ọmọ méjèèjì lè ní iye kan náà, ẹ ò sì ní mọ èwo ló nílò kí ni.

Ọmọkùnrin wa yẹn ní ìlà kan ní àkọ́kọ́, mẹ́rin ní ìkejì. Ọmọbìnrin tó ní SS ò ṣe ìṣẹ́jú kan. A fún un ní 10 lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìsinmi láàárín, kò kọsẹ̀ kankan. Mo kó okùn jọ, mo fi wọ́n kọ́ sórí ìṣó lára ògiri, ní nínà, torí okùn tí a bá ká sínú àpótí máa ń rántí bí a ṣe ká a, táàmù tó ń bọ̀ á sì máa yí wọ́kuwọ̀ku.